Ìpè Fídíò Àkọ́kọ́: Nígbà Tí Fóònù Bá Ń Tọrọ Kámẹ́rà àti Maikirofóònù

Ọ̀rọ̀ tòní kò gùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin n'Íbàdàn ló fà á.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, aago mẹ́wàá àárọ̀, lórí Google Meet. Wọ́n ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Kò lo Meet rí láyé rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tẹ líǹkì náà, ni fóònù Android rẹ̀ bá gbé ìbéèrè kan síwájú rẹ̀: "Allow Meet to take pictures and record video?"

Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ta ló fẹ́ máa ya fọ́tò mi?" Ó tẹ "Don't allow". Ìbéèrè maikirofóònù tẹ̀ lé e, "Allow Meet to record audio?" Ó tún kọ̀ ọ́. Ó jáde, ó padà wọlé, fóònù tún bi í, ó tún kọ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbà á wọlé, ó ń rí wọn, ó ń gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò rí i, wọn ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ló bá sáré pè mí lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ gbà mí o!"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "record" yẹn, torí òun ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Fóònù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó pè yín. Gbólóhùn kan náà ló máa ń lò fún áàpù yòówù tó bá fẹ́ fọwọ́ kan kámẹ́rà. Tí ẹ bá gbà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti ń gba fídíò yín pamọ́. Ó kàn túmọ̀ sí pé ojú yín lè gba inú áàpù náà kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Tí ẹnì kan bá fẹ́ gba ìpàdé sílẹ̀ nínú Meet, áàpù náà á sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ẹ lè yàn. "While using the app" ni pé ìgbà tí ẹ bá ń lo áàpù náà nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. "Only this time" jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, yóò tún bi yín nígbà mìíràn. "Don't allow" ni ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Fún ìpè fídíò, èyí àkọ́kọ́ ló rọrùn jù.

Ibi tí àbúrò mi ti há nìyí: láti orí Android 11, tí ẹ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fóònù kò ní bi yín mọ́. Ẹ lè jáde kí ẹ wọlé nígbà mẹ́wàá, ìbéèrè yẹn kò ní yọ. iPhone tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń béèrè.

Mo ní kó tẹ àmì áàpù Meet mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó yan "App info", kó wọ "Permissions", kó tẹ "Camera", kó sì yan "Allow only while using the app". Ó ṣe bákan náà fún "Microphone". Lórí iPhone, inú "Settings" ni ẹ ó ti wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ tan "Camera" àti "Microphone".

Ó padà wọlé, ojú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ ọ. Mo ní kó wo àmì maikirofóònù nísàlẹ̀. Ìlà dábùú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣẹ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló pa á. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìlà kúrò, wọ́n gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ mà".

Tí àṣẹ bá pé tí ojú yín ò sì yọ, ẹ fa òkè ojú fóònù wálẹ̀. Láti Android 12, bọ́tìnì "Camera access" àti "Mic access" lè wà níbẹ̀, wọ́n sì lè pa kámẹ́rà tàbí maikirofóònù mọ́ gbogbo áàpù lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kámẹ́rà tàbí maikirofóònù bá ń ṣiṣẹ́, àmì kékeré aláwọ̀ ewé á hàn lápá ọ̀tún lókè.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje ni àbúrò mi tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró dè é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa dúró. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti dá ìpàdé sílẹ̀ fúnra yín, kí ẹ pe ọ̀rẹ́ kan sí i, kó sọ fún yín bóyá ó rí yín, bóyá ó sì ń gbọ́ yín.

Ó dìgbà kan ná.