Ẹfun Tó Wà Nínú Iṣan Ọkàn

Ẹ jẹ́ ká fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, kì í mu sìgá, kò sì ní ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru díẹ̀, kọlẹ́sítẹ́róòlù rẹ̀ náà sì ga díẹ̀. Dókítà ní kó máa lo oògùn sítátìnì lójoojúmọ́. Olùkọ́ ní àyà kò dun òun rí, kí ni òun yóò máa gbé oògùn mì títí ayé fún?

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ibi tí dókítà àti aláìsàn bá ti ń ṣiyèméjì báyìí ni nọ́ńbà kálíṣíọ̀mù ti wúlò jù.

Bí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn, tó sì pẹ́ níbẹ̀, kálíṣíọ̀mù a máa kó sí i, a sì le bí ẹfun. Ẹ̀rọ síítíì a ya àwòrán rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ní 1990 ni Arthur Agatston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á jáde. Wọ́n á wọn fífẹ̀ àmì funfun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po láti 1 dé 4, bó bá ṣe funfun tó.

Ká ní àmì méjì ni olùkọ́ ní. Èkíní fẹ̀ tó mìlímítà 5 níbùú lóròó, ìlọ́po 2 sì tọ́ sí i: 10. Èkejì fẹ̀ tó 10, ó sì funfun báláú, ìlọ́po 4: 40. Àpapọ̀ jẹ́ 50; nọ́ńbà kálíṣíọ̀mù rẹ̀ nìyẹn.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018 sọ pé bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 0, sítátìnì lè dúró ná, kí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ọdún 5 sí 10. Láti 1 dé 99, ó dára kéèyàn bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹni tó ti lé ní ọdún 55. Bó bá dé 100, kó lò ó. Olùkọ́ wa ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2000, tí àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀, fi hàn pé bí nọ́ńbà ṣe ń ga ni ewu àrùn ọkàn ń pọ̀, láìka ẹ̀yà sí.

Ṣùgbọ́n 0 kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ọ̀rá tó ṣì rọ̀, tí kò tíì di ẹfun, ẹ̀rọ náà kò rí i. Nítorí náà, 0 kò tú ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀. Sítátìnì fúnra rẹ̀ a sì máa mú ọ̀rá náà le, nọ́ńbà lè torí bẹ́ẹ̀ gòkè. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn da oògùn nù.

Ẹni tí àyà ń fún lọ́wọ́lọ́wọ́, tí ìrora ń bá apá tàbí àgbọ̀n lọ, tó sì ń làágùn, kò nílò nọ́ńbà kankan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.