Bí a ti ń dá owó àsansílẹ̀ olóògbé dúró

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ilé ìkàwé abúlé

Àwọn àgbà a máa wí pé òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olóògbé kò mọ iye owó tí ń jáde nínú àpò rẹ̀ ní báǹkì lẹ́yìn tí a ti sin ín tán. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fún àwọn oníṣòwò ní àṣẹ láti máa yọ owó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, fún tẹlifíṣọ̀n, fún ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí fún détà orí fóònù. Ẹ̀rọ ni ń yọ owó náà, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Òfin ìwé ṣẹ́ẹ̀kì ní Nàìjíríà fi ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáradára. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà ti wí, kì í ṣe ọjọ́ ikú gan-an ni àṣẹ tí báǹkì ní láti san ṣẹ́ẹ̀kì oníbàárà dópin, bí kò ṣe ọjọ́ tí ìròyìn ikú náà dé etí báǹkì. Nítorí náà, ẹrù wà lọ́rùn àwọn ará ilé láti sọ fún wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì ní Iléṣà, tí ó sì jáde láyé nínú oṣù Kẹta. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí kan ní kí wọ́n yọ síìmù inú fóònù bàbá náà kí wọ́n sì sọ ọ́ nù. Ọmọbìnrin náà kọ̀, ó sì ṣe ohun tí ó tọ́. Orí nọ́ńbà náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ń wọlé sí, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣòwò ń fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí. Bí a bá pa á tì fún oṣù mẹ́fà láìlò ó rárá, ilé iṣẹ́ fóònù lè ti í pa. Síìmù ni ó yẹ kí a fi kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí a ó dá dúró.

Ọmọ náà jókòó, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì oṣù mẹ́tàlá sẹ́yìn. Kò dúró ní oṣù mẹ́ta, nítorí pé owó tí a ń yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kì yóò hàn níbẹ̀. Ó ń wá owó tí iye rẹ̀ kò yí padà, tí ó sì ń jáde ní ọjọ́ kan náà. Ó rí mẹ́ta: ₦11,000 fún tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ karùn-ún oṣù, ₦900 fún ibi ìtọ́jú àwòrán ní ọjọ́ kejìlá, àti ₦24,000 fún ìwé ìròyìn kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdọọdún. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe nǹkan kan, láti oṣù Kẹrin títí dé òpin oṣù Kẹsàn-án, ₦95,400 ni yóò ti jáde.

Kò ṣe gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ sí orúkọ ìyá, kí ìyá sì máa san án láti inú owó tirẹ̀. Ohun tí àwọn alààyè ṣì ń lò, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà kí ẹ tó ti àpò olóògbé. Bí owó adójútòfò ẹ̀mí bá sì wà nínú ohun tí a ń yọ, ẹ má ṣe fagi lé e bí ẹni fagi lé ìwé ìròyìn; ẹ kọ̀wé béèrè owó tí ó tọ́ sí àwọn ajogún.

Ní ti ìwé ìròyìn, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tí ń tà á. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, ímeèlì tí ó fi forúkọ sílẹ̀, àti ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó fi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú tí Àjọ Ìkànìyàn fún wọn sínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fagi lé àsansílẹ̀ náà, kí wọ́n sì fèsì ní kíkọ sílẹ̀. Kò kọ nọ́ńbà àṣírí káàdì sínú lẹ́tà, nítorí pé kò sí ẹni rere tí yóò béèrè rẹ̀.

Ibi ìtọ́jú àwòrán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á pa áàpù rẹ́ kúrò lórí fóònù, wọ́n á rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ni owó ṣì ń jáde. Kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó kọ́kọ́ da àwòrán bàbá rẹ̀ sí ibòmíràn, kí ó má bàa pàdánù wọn. Nítorí pé orí `Google Play` ni bàbá ti ra àyè náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fagi lé e. Ó tẹ àwòrán orúkọ tí ó wà lókè, ó wọ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`, ó sì tẹ `Cancel subscription`. Ẹni tí kò bá lè ṣí fóònù olóògbé lè fi ìwé ẹ̀rí ikú ránṣẹ́ sí Google nípa ojú ìwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹbí.

Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí báǹkì pẹ̀lú lẹ́tà àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú. Ó ní kí wọ́n ti káàdì pa, kí wọ́n sì fòpin sí gbogbo àṣẹ ìyọwó tí bàbá fọwọ́ sí. Ó dárúkọ méjèèjì, nítorí pé àṣẹ mìíràn so mọ́ nọ́ńbà àkáǹtì, kò so mọ́ káàdì. Títi káàdì nìkan kì yóò dá a dúró. Ó gba òǹtẹ̀ báǹkì àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí owó tí yóò jáde mọ́ títí ẹbí yóò fi mú ìwé àṣẹ wá láti ọ́fíìsì ogún ní Kóòtù Gíga. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ òun tí olóògbé kọ sí báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tí ó súnmọ́ ọn jù ti sọ òun di ajogún. Kí a má sì fi káàdì olóògbé gbowó lórí ẹ̀rọ, àní bí a bá mọ nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn ajogún yòókù lè pe ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́.

Báwo ni a ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ parí? Ní ọjọ́ tí owó máa ń jáde, ẹ wo fóònù. Bí kò bá sí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, ó dára. Ṣùgbọ́n bí a bá rí i pé wọ́n gbìyànjú láti yọ owó tí kò bọ́ sí i, oníṣòwò náà kò tíì fagi lé e. Báǹkì nìkan ni ó tìlẹ̀kùn mọ́ ọn, gbèsè sì lè máa pọ̀ sí i lórúkọ olóògbé. Ẹ padà kọ̀wé sí i. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án kọjá ní Iléṣà láìsí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan, ọmọ náà mú síìmù lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù, wọ́n sì ti nọ́ńbà bàbá rẹ̀ pa.