Fáìlì aṣojú: bí láptọ́ọ̀pù kékeré ṣe ń gé fídíò 4K

Fídíò ìgbéyàwó kan dé ọwọ́ mi, 4K, H.265. RAM láptọ́ọ̀pù mi ò ju 8GB lọ. Bí mo ṣe ní kó máa lọ, àwòrán dúró gbagidi, ohùn nìkan ló ń lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kí n fi iṣẹ́ jẹ́.

Kì í ṣe títóbi fáìlì nìkan ló fà á. H.265 kì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi. Ohun tó yí padà láàárín wọn ló ń kọ sílẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá fò sí àárín, láptọ́ọ̀pù á kọ́kọ́ tún àwọn àwòrán mìíràn tò kó tó fi ẹyọ kan hàn yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ṣe pírọ́kísì, ìyẹn ẹ̀dà fúyẹ́ tó ń ṣojú fídíò gangan. Nínú DaVinci Resolve, mo wọ Project Settings, mo yan Half àti DNxHR LB fún pírọ́kísì. 3840×2160 di 1920×1080, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lódindi. Mo wá fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àwọn fídíò náà, mo yan Generate Proxy Media, mo sì lọ sùn. Ó ń jẹ àyè o: wákàtí kan lè gba nǹkan bí 16GB.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yan Prefer Proxies, iṣẹ́ sì ń lọ geere. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ìyàwó mọ́ kedere, ẹ padà sí Prefer Camera Originals. Ní Deliver, ẹ rí i pé Use proxy media ò ní àmì. Tó bá ní, òwú léèsì á ṣe bàìbàì nínú fídíò tẹ́ ẹ máa fún oníbàárà.