Heinz àti Oògùn Ìyàwó Rẹ̀



Ìyàwó Heinz ń kú lọ. Oògùn kan ṣoṣo ló lè gbà á là, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju agbára lọ. Heinz yáwó títí, ìdajì ló rí. Ó bẹ olóògùn, ṣùgbọ́n olóògùn kọ̀. Ni Heinz bá fọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó jí oògùn náà. Ṣé ó yẹ kó jí i?

Lawrence Kohlberg ará Amẹ́ríkà ló fi irú ìtàn báyìí wádìí bí èèyàn ṣe ń ronú nípa ohun tó tọ́. Kì í ṣe ìdáhùn ló ń wá o. Ìdí ló ń wá, ó sì pín in sí ìpele mẹ́ta.

Ọmọ tó ní, "Kó má jí i, wọn á tì í mọ́lé," ìyà ló ń bẹ̀rù. Ìpele ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ní, "Kó jí i, kí àwọn àna rẹ̀ má bàa kà á sí ọkọ burúkú," ojú ayé ló ń wò: ìpele àárín. Ẹni tó ní ẹ̀mí ju ohun ìní lọ, kódà kó jẹ́ ẹ̀mí àjèjì, ìlànà ló dì mú. Ó ti dé òkè.

Mo tún un sọ: ìdí là ń wò, kì í ṣe ìdáhùn.

Àléébù kan wà nínú ìwádìí yìí. Ọmọkùnrin nìkan ni Kohlberg fi bẹ̀rẹ̀, Carol Gilligan, onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, sì bá a wí fún un.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín lálẹ́ òní. Bó bá dáhùn, ẹ bi í léèrè ìdí.