Kí Ẹ Tó Sanwó Fóònù Tòkunbọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìdànrè níhìn-ín bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tòkunbọ̀. Inú mi dùn sí i, torí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ fóònù tó ń dé orí tábìlì mi ni ì bá má ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú yín tó ń ta ẹja gbígbẹ (mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n wà níjokòó, wọ́n sì ti ní kí n sọ ọ́) lọ ra Samsung tòkunbọ̀ kan ní Àkúrẹ́ ní ẹgbẹ̀rún 75 náírà. Fóònù náà mọ́ tónítóní. Ó ń pè, ó ń gba ìpè, fọ́tò rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n sanwó, wọ́n wọkọ̀ padà sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi lò ó láìsí wàhálà kankan. Ó wá di ọjọ́ kan, fóònù náà há, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ọmọ wọn ọkùnrin bá di àwọn bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó fi nu gbogbo inú rẹ̀ nù kó lè tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Nígbà tó tàn padà, ó ní kí wọ́n fi àkáǹtì Google tó ti wà lórí fóònù náà tẹ́lẹ̀ wọlé. Àkáǹtì ta ni? Ìyá kò fi tiwọn sí i rí. Àkáǹtì ẹni tó ni fóònù kó tó dé ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti rà á, òun ni wọ́n ń lò láìmọ̀. Wọ́n padà sí Àkúrẹ́. Ẹni tó tà á fún wọn ní ọwọ́ ẹnìkan lòun náà ti rà á, nọ́ńbà onítọ̀hún kò sì lọ mọ́. Wọ́n gbé e wá bá mi. Mi ò rí nǹkan ṣe sí i. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó ń kó ẹja lọ́wọ́ wọn bá a lọ. Fóònù náà wà nílé wọn dòní, dígí lásán ni.

Ẹ̀yin ìyá mi, bátìrì tó bá bàjẹ́, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ojú tó bá bàjẹ́, a lè pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n fóònù tí àkáǹtì ẹlòmíì tì pa, kò sí ohun tí owó yín lè ṣe sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì kẹ́ ẹ tó wo ohun mìíràn.

Àwọn tó ṣe fóònù ló dìídì fi títì yìí sí i nítorí olè. Apple bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2013, ti Google dé ní 2015. Èrò wọn ni pé bí olè bá jí fóònù, tó sì nù ún nù, kó má wúlò fún un. Àmọ́ títì náà kò mọ olè yàtọ̀ sí ìyá tó fi owó ẹja rà á. Wọ́n lè fi nu fóònù nù, kò ní kúrò. Nínù tí ọmọ yẹn nù ún gan-an ló jí i dìde.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, tí fóònù wù yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí Settings, kó lọ sí Accounts. Bí ímeèlì ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀, ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò lójú yín. Ẹni tó ni ín lóòótọ́, tàbí tó rà á lọ́nà tó tọ́, yóò lè yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó nù ún nù látinú Settings náà, ibi tí wọ́n kọ Factory data reset sí. Ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun ti nù ún nù láàárọ̀. Ojú yín ni kó ti ṣe é. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jókòó tì í.

Bó bá tàn padà, ẹ fi dátà láti orí fóònù ọmọ yín so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì máa bá a lọ títí yóò fi béèrè àkáǹtì. Bẹ́ ẹ bá rí Verify your account, tàbí tó ní kẹ́ ẹ fi àkáǹtì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé, ẹ gbé e padà fún un. Bó bá gba tiyín, tó sì ṣí dé ojú ilé, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó tì í.

Ti iPhone ní ẹ̀tàn kan nínú. Wọ́n á gbé e fún yín, Hello wà lójú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ wò ó, tuntun ni." Hello yẹn kò sọ nǹkan kan fún yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ni òtítọ́ á jáde. Bó bá kọ iPhone Locked to Owner, ó ní ẹni tó ni ín. Bó bá kọ Remote Management, ti ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìwé kan ni, wọ́n sì lè máa darí rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà. Àwọn kan á ní àwọn lè fọgbọ́n ṣí i fún yín ní owó díẹ̀. Ẹ má dán an wò. Apple fúnra rẹ̀ ò ní ṣí i àfi fún ẹni tó bá ní rìsíìtì ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rà á ní tuntun. Rìsíìtì tí ẹ gbà ní ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kò tó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fóònù tí ẹnìkan rà láwìn, tó yẹ kó máa san díẹ̀díẹ̀, tó wá tà á kó tó san tán. Ilé iṣẹ́ tó yá a máa ń ní ọ̀nà láti tì í láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ ẹ bá nù ún nù tán, tí ẹ so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó tí wọ́n jẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ó kan bátìrì. Gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ wọn gààrì sí i, ó kún dẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe kóńgò kan ló wà níbẹ̀. Bátìrì tó ti gbó náà nìyẹn. Yóò kọ 100% sójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti kéré. Ní iPhone, ẹ lọ sí Settings, sí Battery, sí Battery Health. Nọ́ńbà tó wà níwájú Maximum Capacity ni yóò sọ bí ìdí kóńgò ṣe wọnú tó. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 80%, ó ti tó pààrọ̀, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san. Àmọ́ bí iPhone 11, tó jáde ní 2019, bá sọ fún yín lónìí pé 100% lòun, ẹ bi í pé ta ló pààrọ̀ bátìrì. Bíbéèrè yẹn kò burú, torí wọ́n lè yí nọ́ńbà náà padà. Ẹ lọ wo About nínú General. Bó bá kọ Unknown Part sí Battery, bátìrì náà lè má jẹ́ ojúlówó.

Ọ̀pọ̀ fóònù Android kò ní fi nọ́ńbà yìí hàn yín. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń yọ ọ́ kúrò lórí iná, mo máa ń wo iye tó wà lójú, mo máa ń tan ojú rẹ̀ dé òpin, mo sì máa ń fi fídíò sí i fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá jẹ 3 tàbí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, mo gbà á. Bó bá jẹ 10 lọ sókè, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá sì fò láti 46 sí 31 lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tó kú nígbà tó ṣì ní 20, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwà "nẹ́tíwọọ̀kì ni" tàn yín. Ẹ tún gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Bó bá ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ kan kúrú, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń ṣí létí, bátìrì náà ti wú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ó lè gbiná.

Ojú fóònù ló kù. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní AMOLED tàbí OLED. Gbogbo ẹ̀só tó wà lójú wọn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tó bá sì tàn jù ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Fóònù tí wọ́n fi ṣe àfihàn nínú ṣọ́ọ̀bù lókè òkun, tí àwòrán kan náà wà lójú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, máa ń ní àmì yìí gan-an. Ó máa dà bí ibi tí àyọ́ọ̀nù jó lára léèsì: òjìji aago lókè, òjìji bọ́tìnì mẹ́ta nísàlẹ̀, tàbí òjìji àwọn lẹ́tà tí a fi ń tẹ̀wé. Kò ní fọ̀ kúrò láéláé.

Oòrùn ọjà kì í jẹ́ kéèyàn rí i. Ẹ fi ìborùn yín bo orí pẹ̀lú fóònù, bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ wo owó ayédèrú. Ẹ ṣí àwòrán tó funfun lódindi, lẹ́yìn náà èyí tó ní àwọ̀ eérú lódindi, kẹ́ ẹ sì wò ó dáadáa. Àwọ̀ eérú ló máa ń tú àṣírí jù. Lórí Samsung, ẹ tẹ

```
*#0*#
```

bí ẹni fẹ́ pè, yóò mú àwọ̀ pupa, ewéko àti aró jáde lọ́kọ̀ọ̀kan fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dáhùn. Bí ìlà kan bá là á kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má rà á, ìlà kan máa ń di méjì. Owó ojú tuntun sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó fóònù.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pe ẹnìkan. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ ti nẹ́tíwọọ̀kì kan ṣoṣo. Lórí iPhone, ẹ wo Carrier Lock nínú About. No SIM restrictions lẹ fẹ́ rí. Ẹ tún tẹ *#06#, nọ́ńbà 15 kan á jáde. Òun ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì, kì í ṣe "Samsung kan" lásán, torí òun ni ẹ̀rí yín lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá béèrè ibi tẹ́ ẹ ti rà á.

Ìyá kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún béèrè pé bí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ ńkọ́, tó ní òun ò lè nu fóònù nù nítorí ẹni tí kò tíì sanwó. Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún kan náírà fún wàhálà rẹ̀ ká gbà pé wọn ò rà á mọ́. Bó bá ṣì kọ̀, kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e.