Yíyẹ Ìwé Owó Ìrìnàjò Wò

Ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀rọ̀ mi bá wí lónìí, pàápàá àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn wà ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀. Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni Mowe àti Ibafo wà. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni ti Ifọ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá rán láti Mowe lọ sí Ifọ̀ lè wọ ọkọ̀ mẹ́ta kí ó tó débẹ̀, bóyá kí ó sùn síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá padà dé, yóò kọ gbogbo ohun tí ó ná sínú ìwé, yóò sì gbé e fún akápò.

Owó àjọ ni akápò yóò fi san án. Bí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, owó àjọ yóò máa jò. Bí ó bá sì tìtorí ìwé kan dá gbogbo rẹ̀ dúró, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ìyà yóò jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ ìwé náà wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì. Èkíní: ǹjẹ́ rìsíìtì tí ìlànà ẹgbẹ́ béèrè wà níbẹ̀? Èkejì: ǹjẹ́ owó náà kò ju gbèdéke lọ? Ẹ má ṣe pa méjèèjì pọ̀ o. Rìsíìtì kì í sọ owó tí ó pọ̀ jù di èyí tí ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ìlànà ẹgbẹ́ kan sọ pé ohunkóhun tí ó bá tó 5,000 náírà gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì. Pé owó ilé ìtura kò gbọdọ̀ ju 15,000 lọ lóru kan. Àti pé 4,000 ni owó oúnjẹ lójúmọ́, láìsí pé a ń béèrè rìsíìtì rẹ̀. Akọ̀wé lọ sí Ifọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó padà ní Ọjọ́rú. Ó kọ 6,000 fún ọkọ̀, 36,000 fún ilé ìtura, 12,000 fún oúnjẹ, àti 7,500 fún ṣíṣe ẹ̀dà ìwé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61,500 náírà.

Ọkọ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Dánfó kì í já rìsíìtì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kọ ibi tí ó ti wọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ó ti sọ̀ ọ́, àti iye tí ó san, ó sì fọwọ́ sí i. Kò sí èyí tí ó tó 5,000 nínú wọn. Bí iye náà bá bá èyí tí àwọn èrò mìíràn ń san mu, kí a san án.

Ilé ìtura ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Rìsíìtì wà, ó sì pé. Akápò tí ó bá ka ọjọ́ yóò rí mẹ́ta, yóò sọ ọ́ di 45,000, yóò sì rò pé 36,000 kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òru ni a ń kà! Òru méjì ni akọ̀wé sùn. 30,000 ni gbèdéke. Owó náà fi 6,000 lé. Kí a san 30,000, kí a sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé 6,000 ń dúró de àṣẹ ìgbìmọ̀.

Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 12,000, ó tọ́.

Ó ku ẹ̀dà ìwé. Akọ̀wé pín in sí ìlà mẹ́ta, 2,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí èyí tí ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni, ṣọ́ọ̀bù kan náà sì ni. Kí akápò ro wọ́n pọ̀: 7,500 ni, rìsíìtì kò sì sí. Kí ó má pe akọ̀wé ní olè o. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Kí ó fa ìlà sí i, kí ó sì ní kí akọ̀wé gba rìsíìtì lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, akápò yóò san 48,000 lójú ẹsẹ̀. 6,000 ń dúró de àṣẹ, 7,500 ń dúró de rìsíìtì. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 61,500 náà ni. Bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, akápò ti fo ìlà kan.

Ohun kan wà tí ìwé kò lè fi hàn. Rìsíìtì lè pé kí ó má sì jẹ́ òótọ́. Bí rìsíìtì ọ̀sẹ̀ méjì bá ní nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé ara wọn, tí ọwọ́ ìkọ̀wé sì jọ ti ẹni tí ó mú un wá, inú ìwé rìsíìtì òfìfo ni ó ti lè jáde. Kí akápò ránṣẹ́ bi ẹni tí ó já a kí ó tó san kọ́bọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ó dìgbà kan ná o.