Nígbà Tí Ìkìlọ̀ Bá Dún Lọ́fíìsì Ọ́díítọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-iṣẹ́ kan ní Sùúrùlérè ṣe àpẹẹrẹ. Mánéjà ibẹ̀ kò gbọdọ̀ buwọ́ lu owó tó ju ₦500,000 lọ. Ló bá pín iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kọńtírákítọ̀ kan ṣe sí ìwé owó méjì: ₦480,000 láàárọ̀, ₦470,000 nírọ̀lẹ́.

Tẹ́lẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí ọ́díítọ̀ tó débẹ̀, ìwé díẹ̀ ló sì máa ń ṣà yẹ̀ wò. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ń ro owó kọńtírákítọ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ lójoojúmọ́. Bó bá kọjá ààlà, ìkìlọ̀ dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé dísẹ́ẹ̀lì wá lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́ lọ́jọ́ kan náà lè fa ìkìlọ̀. Iṣẹ́ ọ́díítọ̀ wá di ìwádìí àti àtúnṣe òfin ìkìlọ̀, kí ariwo asán má baà di í létí.